Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Yàrá Atukọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù kan tó gbéra ní Dẹ́ńfà fẹ́ balẹ̀ sí Pọ́tíláńdì, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. DC-8 ni, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin ti ilé iṣẹ́ Yunáítẹ̀dì, ìrìnàjò 173. Èèyàn 189 ló gbé. Ojú ọ̀run mọ́, ìrìnàjò sì ti rọrùn títí wọ́n fi dé ìtòsí pápákọ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kí ẹsẹ̀ bàálù jáde ni wọ́n gbọ́ gbì! Ara bàálù gbọ̀n, imú rẹ̀ sì yà sí ọ̀tún. Ó yẹ kí iná aláwọ̀ ewé tàn fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi hàn pé ó ti jáde, ó sì ti há dáadáa. Ti ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló tàn.

Ohun tó fa gbogbo èyí kéré. Irin kan tó máa ń rọra sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi já. Ẹsẹ̀ náà wá já bọ́ lójijì dípò kó rọra sọ̀, ìjábọ́ yẹn sì ba ohun tó ń tan iná jẹ́. Ẹsẹ̀ jáde, iná kò tàn. Àmì kan wà lójú apá bàálù tó máa ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ bá ti há. Wọ́n lọ yọjú wò ó láti inú ọkọ̀, ó sì dà bíi pé ẹsẹ̀ ti há. Síbẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ kò fẹ́ fi ẹ̀mí èèyàn 189 dán an wò. Ó ní kí wọ́n máa yí po lókè, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 5,000, kí òun lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí àwọn olùtọ́jú èrò sì lè kọ́ àwọn èrò ní bí wọ́n á ṣe jókòó bí ẹsẹ̀ bá lọ ṣẹ́ nígbà ìbalẹ̀.

Ìpinnu yẹn dára. Mo fẹ́ kí ẹ dì í mú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ ìtàn yìí á kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá náà kò mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́. Ó ti lo ju wákàtí 27,000 lọ lójú òfúrufú. Epo tó wà nínú ọkọ̀ sì tó láti gbé wọn dé Pọ́tíláńdì, kó tún ṣẹ́ kù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìyípo yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló pa wọ́n, bí kò ṣe ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọn kò sọ nígbà tí wọ́n ń yí po.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá atukọ̀. Ọ̀gá jókòó sí òsì, igbákejì rẹ̀ jókòó sí ọ̀tún, ọwọ́ igbákejì yìí gan-an sì ni ìdarí bàálù wà. Ẹnjiníà ọkọ̀ jókòó sẹ́yìn wọn, iwájú rẹ̀ ni àwọn gééjì epo wà. Ìwọ̀n pọ́ùn ni wọ́n fi ń ka epo, nítorí ìwúwo rẹ̀ ló jẹ bàálù lógún, kì í ṣe iye gálọ́ọ̀nù. Bí bàálù náà ṣe ń yí po pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti jáde, ó ń mu nǹkan bíi pọ́ùn 220 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Nígbà tí aago 5:46 lù kọjá díẹ̀, igbákejì béèrè iye epo tó kù. Ẹnjiníà dáhùn pé pọ́ùn 5,000 ni. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, igbákejì tún béèrè, wọ́n tún dáhùn pé 5,000. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe sókè nínú yàrá yẹn: bí a bá fi 220 pín 5,000, nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 sí i ni ẹ̀ńjìnnì fi máa ṣiṣẹ́. Ní aago 5:50, ọ̀gá ní kí ẹnjiníà bá òun ṣírò ìwúwo ọkọ̀ fún ìbalẹ̀, kó ṣe é bíi pé ìṣẹ́jú 15 mìíràn ṣì kù. Ẹnjiníà fèsì pé ìṣẹ́jú 15 á jẹ́ kí epo àwọn kéré gidi. Ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀gá kò sọ pé irọ́ ló pa, kò sì béèrè pé báwo ni á ṣe kéré tó. Ó ń bá ètò ìbalẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹnjiníà náà sì ń bá ìṣirò tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, igbákejì béèrè epo lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kù 4,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá rán ẹnjiníà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lọ wo ibi tí ìmúra àwọn èrò dé. Ẹni kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo epo ni wọ́n rán jáde nínú yàrá, ní ìṣẹ́jú tí epo ń tán lọ. Ó padà ní nǹkan bí aago 6:01, ó sì jábọ̀ nípa àwọn èrò. Ní 6:02 ó sọ pé ó kù nǹkan bí 3,000, pé ìyẹn náà ló kù. Ní 6:06, olórí àwọn olùtọ́jú èrò wọlé láti sọ pé àwọn ti ṣe tán. Ọ̀gá ń sọ fún un pé ìṣẹ́jú márùn-ún sí i làwọn máa balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igbákejì ń sọ pé ẹ̀ńjìnnì kẹrin ti ń kú lọ. Ọ̀gá béèrè pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni igbákejì fi dá a lóhùn: epo.

Ìgbà yẹn ni wọ́n kọrí sí pápákọ̀, àmọ́ wọ́n ti jìnnà sí i. Nígbà tó fi máa di aago 6:13, gbogbo ẹ̀ńjìnnì ti ń kú tán. Ẹ wo aago náà dáadáa: ìṣẹ́jú 25 ni láti ìgbà tí igbákejì béèrè epo lẹ́ẹ̀kejì, ìṣirò wa sì sọ pé 23. Ní 6:15, bàálù já lu igbó kékeré kan láàárín ilé àwọn èèyàn, nǹkan bíi máìlì mẹ́fà sí pápákọ̀. Èèyàn mẹ́wàá kú, ẹnjiníà sì wà nínú wọn. Kò sí iná ńlá tó sọ, nítorí kò sí epo tó máa jó. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn 179 tó kù fi yè.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Nínú ilé, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọmọ tó wà níwájú àgbà kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oòrùn ti ń wọ̀ o," àgbà á sì mọ̀ pé ó tó àkókò ká máa lọ. Àmọ́ kí àbọ̀ tó lè di odindi nínú ẹnì kan, àyè gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Inú ọ̀gá atukọ̀ yẹn kún fún ẹsẹ̀ bàálù. "Epo wa mélòó?" kò rí ibi tí á ti di "Ẹ jẹ́ ká balẹ̀ báyìí." Ìbéèrè ni igbákejì ń fi epo béèrè, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kì í ṣe ìbéèrè rárá. Ẹnjiníà sọ pé epo á kéré, kò sọ ìṣẹ́jú tó kù. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú ni ọ̀gá nílò. Nọ́ńbà epo kò wí nǹkan kan fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àmọ́ "ìṣẹ́jú 20 ló kù kí ẹ̀ńjìnnì kú" kò ṣeé gbójú fò.

Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí jàǹbá ìrìnnà sọ pé ọ̀gá kò ṣọ́ epo bó ṣe yẹ, kò sì fetí sí ohun tí àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sọ. Wọn kò dá àwọn méjì yòókù sí: bóyá wọn kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, tàbí wọ́n mọ̀, wọn kò rí i gbé dé ọkàn ọ̀gá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá níbẹ̀ ṣàjèjì nígbà náà. Wọ́n ní kí a kọ́ àwọn ọ̀gá atukọ̀ láti máa lo ọgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, kí a sì kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ wọn láti sọ̀rọ̀ síta. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, ilé iṣẹ́ Násà pe àwọn ilé iṣẹ́ bàálù jọ sí San Fransísíkò lórí ọ̀rọ̀ yìí. John Lauber, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń bá Násà ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó fún ẹ̀kọ́ náà lórúkọ. Lédè àwọn atukọ̀, Sí-Áà-Ẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìṣàkóso gbogbo ohun àmúlò tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀: èèyàn, ẹ̀rọ, ìwé, rédíò, àti àkókò. Yunáítẹ̀dì, tí bàálù rẹ̀ já ní Pọ́tíláńdì, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ ní kíkún fún àwọn atukọ̀ rẹ̀, lọ́dún 1981.

Ọkàn ẹ̀kọ́ náà fún ọmọ abẹ́ ni bí a ṣe ń sọ odindi ọ̀rọ̀ láì rí ọ̀gá fín. Wọ́n tò ó ní ìpele márùn-ún, ó sì rọrùn jù láti fi Pọ́tíláńdì ṣàlàyé rẹ̀. Kọ́kọ́ pe ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣe: "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi." Sọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù pé ti ìwọ ni: "Ọ̀rọ̀ epo yìí ń bà mí lẹ́rù." Wá sọ ìṣòro náà pẹ̀lú iye: "Pọ́ùn 5,000 ló kù, ìṣẹ́jú 23 ló lè gbé wa." Sọ ohun tí o rò pé ó yẹ ká ṣe: "Mo ní kí á kọrí sí pápákọ̀ báyìí, ká parí ìmúra àwọn èrò lọ́nà." Ìkarùn-ún ni èyí tí èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń di gbogbo rẹ̀ pọ̀: béèrè èsì. "Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá?" Bí ọ̀gá bá dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yìí, kò dáhùn nìyẹn, ọ̀rọ̀ kò sì tíì parí; ẹ tún un sọ. Ẹ kíyè sí i pé "ẹ dákun" wà níbẹ̀, "ọ̀gá" náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò gba ọ̀wọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbà kúrò ni àbọ̀.

Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe lè pa èèyàn nínú yàrá, ó lè pa á lórí rédíò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, Bóíǹgì 707 ti ilé iṣẹ́ Afiánkà, ìrìnàjò 52, ń bọ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì láti orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Ojú ọjọ́ kò dára, wọ́n ní kí ó dúró lókè lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ìdúró náà sì lé ní wákàtí kan. Nínú ọkọ̀, ọ̀gá ń sọ èdè Sípéènì. Igbákejì ló ń bá àwọn adarí tó wà nílẹ̀ sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ kí wọ́n fi àwọn ṣáájú. Etí ẹni tó wà nínú bàálù gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí igbe. Etí adarí tí bàálù púpọ̀ wà níwájú rẹ̀ gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ń kánjú. Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí atukọ̀ bá ti pè é, adarí gbọ́dọ̀ yàgò fún un pẹ̀lú gbogbo bàálù yòókù: ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Igbákejì kò pè é. Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, ìjì kò jẹ́. Wọ́n tún gòkè. Ọ̀gá ní kí ó sọ fún wọn pé pàjáwìrì ni. Igbákejì sọ̀rọ̀ sínú rédíò pé epo àwọn ń tán, ó sì dá ọ̀gá lóhùn pé òun ti sọ fún wọn. Ọ̀gá gbà pé wọ́n ti gbọ́. Ẹ̀ńjìnnì kú, bàálù já lu òkè kan ní Kófù Nẹ́ẹ̀kì. Nínú èèyàn 158, 73 kú.

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn á rí i pé kò sí ẹni tó parọ́. Igbákejì gbà tọkàntọkàn pé òun ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Sí-Áà-Ẹ́ẹ̀mù fi sọ pé ìsọ kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹni tó gbọ́ bá tún un sọ padà, tí ẹni tó sọ ọ́ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ló tó parí.

Ti ọ̀gá ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ló le jù lójú mi, nítorí pé ọmọ abẹ́ á ti mọ̀, láti ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá sọ kí wọ́n tó gbéra, bóyá ó gba ọ̀rọ̀ tàbí kò gbà. Wọ́n ń kọ́ ọ̀gá láti sọ ọ́ síta nígbà yẹn pé bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tí kò yé e, kó wí. Bí ìṣòro bá dé, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yẹ kó ṣe ni pípín iṣẹ́: ẹnì kan wa ọkọ̀, kó má ṣe nǹkan mìíràn; ẹlòmíràn dojú kọ ìṣòro; ẹnì kan ṣọ́ epo àti aago. Kó sì béèrè ìmọ̀ràn kó tó sọ èrò tirẹ̀, nítorí tí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ sọ, ohùn tó kù á kàn máa tẹ̀ lé e ni.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Pọ́tíláńdì, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ yìí kojú ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ìrìnàjò 232 ti Yunáítẹ̀dì, DC-10 tó gbé èèyàn 296, wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 37,000 nígbà tí ẹ̀ńjìnnì tó wà níbi ìrù rẹ̀ fọ́. Àfọ́kù irin gé gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òróró tó ń darí ọkọ̀ ń gbà. Ọwọ́ ìdarí di ohun tí kò darí nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá wọn, Al Haynes, kò dìbọ́n pé òun mọ ohun tó kàn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé olùkọ́ atukọ̀ kan, Denny Fitch, wà láàárín àwọn èrò, ó ní kó wọlé. Fitch kúnlẹ̀ sáàárín àga àwọn atukọ̀, ó di ọ̀pá agbára ẹ̀ńjìnnì méjì tó kù mú, ó ń fi kún ọ̀kan, ó ń dín ìkejì kù, bí àwọn yòókù ṣe ń sọ fún un ibi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí. Bí wọ́n ṣe darí ọkọ̀ nìyẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 44, títí wọ́n fi dé pápákọ̀ Súù Sítì. Ọkọ̀ fọ́ nígbà tó kanlẹ̀. Èèyàn 112 kú, àmọ́ 184 yè. Haynes tún un sọ títí ó fi kú pé, ká ní ayé ìgbà tí ọ̀gá nìkan ń sọ̀rọ̀ ni, àwọn kì bá tí dé ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo yàrá atukọ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ń wọ̀, kò sì dúró láìyẹ̀ nínú èyí tó wọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù Dánà, ìrìnàjò 992, gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ ní Èkó. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà sọ pé ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni ẹ̀ńjìnnì kan kò dáhùn ọwọ́ mọ́. Àwọn méjì tó wà nínú yàrá rí i, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọn kò ṣí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò balẹ̀ sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn jù, wọn kò sì tètè ké sí àwọn adarí. Ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì kejì náà kọ̀, nígbà tí Èkó ti sún mọ́, ni wọ́n tó ké. Bàálù náà já sí Ìjù-Ìṣàgà. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àti mẹ́fà nílẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni ìwé àyẹ̀wò yẹn. Òun ni ẹnì kẹta tó wà nínú yàrá ẹlẹ́ni méjì, kì í tijú ọ̀gá, kì í bẹ̀rù, kì í sì í sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní pípadé.

Nítorí ẹ̀kọ́ yìí máa ń ṣá, wọ́n ń dá àwọn atukọ̀ padà sínú ẹ̀rọ àfarawé-bàálù láti ìgbà dé ìgbà, odindi ìrìnàjò ni wọ́n sì máa ń gbé wọn gbà níbẹ̀, kì í ṣe ìdánrawò ẹyọ kan. Wọ́n á gbéra, wọ́n á sọ̀rọ̀ pẹ̀lú adarí, ìṣòro kékeré kan á sì yọjú: iná kan tí kò tàn, ilẹ̀kùn kan tó ń fi àmì hàn. Olùkọ́ jókòó sẹ́yìn wọn, kì í dá sí i. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ nígbà tí gbogbo ojú wà lára iná, iye ìṣẹ́jú tó kọjá kí ẹnì kan tó dárúkọ epo, àti ohun tí ọ̀gá fi dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n bá jáde, á jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wo fídíò ara wọn.